Gífáwè àjọṣe ìsọ̀ méjì: báwo la ṣe máa mú ẹni tó jẹ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè dọ́gbọ́n sí i?

AláṣọÀrà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tí ìbéèrè mi bá gùn díẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ wá bá mi pé ká jọ ṣe gífáwè, ẹ̀rọ kan látọ̀dọ̀ tiẹ̀, aṣọ látọ̀dọ̀ tèmi, ẹnì kan ṣoṣo ló máa kó gbogbo ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn á kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ pósìtì tiẹ̀ tàbí tèmi, ká wá mú ẹnì kan nínú wọn. Ibi tá a há sí ni pé ta ló máa mú un. Òun ní torí pé ẹ̀rọ òun ló wọ́n jù, òun á mú un ní ọ́fíìsì òun, òun á wá fi orúkọ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò pè é ní ẹlẹ́tàn o, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ojú àwọn kọ́sítọ́mà mi wà lára mi, tí orúkọ tó jáde bá lọ jọ ti ẹbí ẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa gbé ìbínú wọn wá. Èmi náà ò sì fẹ́ dá a mú, torí òun náà á ní kí ló dé. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kò fi ní sí ẹni tó lè yí i, tí àwọn tó kópa á sì fojú ara wọn rí i?

Bọ̀ọ̀dá_Fídíò:
Àǹtí, ìyẹn ò le rárá. Ẹ lọ sórí ọ̀kan nínú àwọn sáìtì tó ní kẹ̀kẹ́ tó máa ń yí yẹn, ẹ da gbogbo orúkọ sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi fóònù ká a bó ṣe ń yí, ẹ gbé fídíò ẹ̀ sórí pèèjì. Kọ̀ǹpútà ló mú un, kò mọ ẹbí, kò mọ ará. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Màmá_Kèké:
Bọ̀ọ̀dá, lóòótọ́ kẹ̀kẹ́ ò mọ ẹbí, àmọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ ẹbí ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ìsọ̀ bójú tó irú nǹkan báyìí, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé fídíò kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Mo lè jókòó sí yàrá mi kí n yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí n ká gbogbo ẹ̀, kí n pa mẹ́sàn-án rẹ́, kí n gbé èyí tó mú àbúrò mi síta. Fídíò yẹn á mọ́ tónítóní, irọ́ kankan ò ní sí nínú ẹ̀, àmọ́ irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àwọn sáìtì kẹ̀kẹ́ kan tún wà tó gbà kéèyàn fún orúkọ kan láyè ju àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó bá ní igba orúkọ lára, ta ló fẹ́ kà á lórí fóònù?

Tẹ́ ẹ bá máa lo kẹ̀kẹ́ dandan, ẹ kéde ọjọ́ àti aago ṣáájú, kí lísìtì orúkọ ti wà níta kó tó di ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ yí i ní láìfù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì ti kọ ọ́ sínú òfin pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ìyẹn sàn. Àmọ́ ohun tí Àǹtí Aláṣọ ń béèrè ju ìyẹn lọ, torí ẹni méjì ni wọ́n, wọn ò sì fọkàn tán ara wọn tán. Ọgbọ́n kan wà fún ìyẹn, kò sì gba sáìtì kankan, ìwé àti bírò ló gbà. Lísìtì la sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́jà_Tuntun:
Ẹ̀yin ń sọ bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn, èmi tí wọ́n ti mú rí ńkọ́? Ìsọ̀ méjì ló jọ ṣe gífáwè fóònù kan, èmi ni mo jẹ, wọ́n tiẹ̀ gbé fọ́tò mi síta. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ó ní ẹnì kejì ló ni fóònù. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ó ní ìpolówó nìkan làwọn bá a ṣe, àwọn ò ṣèlérí fóònù fún ẹnikẹ́ni. Títí dòní mi ò rí nǹkan kan gbà. Ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́ ni?

Màmá_Kèké:
Pẹ̀lẹ́ o, ìyà yẹn pọ̀. Ti ẹjọ́, ó dọwọ́ òfin ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ kó gbogbo sikirinṣọ́ọ̀tì pósìtì wọn àti fọ́tò yẹn jọ kẹ́ ẹ fi han agbẹjọ́rò tàbí àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà níbẹ̀, èmi ò lè ṣe ju ìyẹn lọ láti ibí.

Àmọ́ ó kan Àǹtí Aláṣọ gan-an. Lójú ẹni tó kópa, orúkọ ìsọ̀ méjèèjì ló wà lórí pósìtì, ìsọ̀ méjèèjì ló ṣèlérí. Torí náà kí pósìtì tó jáde, kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ara yín, ojú ewé kan tó: ta ló ni ẹ̀bùn wo, ibo ló wà báyìí, ta ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ àti owó ta ló máa gbé e, ọjọ́ mélòó ni ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ fi dé ọwọ́ onítọ̀hún, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀rọ náà bá ti bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí i. Ẹ buwọ́ lù ú lẹ́yin méjèèjì. Èmi máa ń ní kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀bùn síbì kan náà kó tó di pé a kéde, ká ya fọ́tò ẹ̀rọ pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tí ò bá lè gbé ẹ̀bùn jáde ṣáájú ìkéde, kí ló fẹ́ fún èèyàn lẹ́yìn ẹ̀?

AláṣọÀrà:
Màmá ẹ ṣeun gan-an, ibi tí ẹ̀rọ máa wà ò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀. Ẹ wá bá mi dé ibi lísìtì. Ìbéèrè mi ni pé àwọn kan á kọ kọ́mẹ́ǹtì lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n á tún wá kọ ọ́ lọ́dọ̀ mi, àwọn mìíràn á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ṣé gbogbo ẹ̀ la máa kà ni?

Màmá_Kèké:
Òfin yín ló máa sọ ọ́, kó sì ti wà nínú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè ní ẹnì kan, àyè kan. Ẹ sì lè ní kọ́mẹ́ǹtì kan, àyè kan. Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ torí èkejì ń fún ẹni tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní àǹfààní ju ẹni tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ, ó sì ń fa àkáǹtì ayédèrú.

Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ kan tí mo bá wọn ṣe sọ ọ́. Ìsọ̀ ìwé kan àti ìsọ̀ àga ló jọ ṣe é, tábìlì ìkàwé ni ẹ̀bùn. Ìgbà tí àkókò pé, kọ́mẹ́ǹtì 347 ló wà lórí pèèjì méjèèjì. Àwọn tó kọ ọ́ léraléra lórí pèèjì kan náà, a fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 98 kúrò, ó ku 249. Àwọn tó wà lórí pèèjì méjèèjì jẹ́ 28, a fi ẹ̀ẹ̀kan sílẹ̀ fún wọn, ó ku 221. Lẹ́yìn náà a yọ 9, àwọn kan kọ ọ́ lẹ́yìn tí aago ti kọjá, àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìsọ̀ méjèèjì, ìyàwó ọ̀gá ìsọ̀ àga náà wà níbẹ̀, inú ẹ̀ ò dùn sí mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ku 212.

Ẹni 212 yìí la tò gẹ́gẹ́ bí aago tí wọ́n wọlé, a fún wọn ní nọ́ńbà láti 1 dé 212, a gbé lísìtì síta lórí pèèjì méjèèjì, a fún gbogbo èèyàn ní wákàtí 24 láti wá orúkọ wọn. Wákàtí 24 yẹn ṣe pàtàkì o, ẹ má fò ó. Ibẹ̀ lẹni tá a gbàgbé ti máa pariwo, ibẹ̀ náà lẹni tó mọ̀ pé lágbájá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ti máa sọ ọ́. Tó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi wọlé tí ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn, ẹ má gbé nọ́ńbà yẹn síta, nọ́ńbà mẹ́rin ìparí nìkan tó kí onítọ̀hún dá ara ẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, lísìtì ti kú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìròyìn_Àná:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rò pé yíyọ ẹbí àti òṣìṣẹ́ kúrò ti le jù, ẹ lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí eré Monopoly tí McDonald's, àwọn tó ń ta oúnjẹ, fi ń fún àwọn oníbàárà wọn lẹ́bùn ní Amẹ́ríkà nígbà kan. Jerome Jacobson, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ààbò ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbéṣẹ́ náà fún, òun gan-an ló ń jí àwọn ègé bébà eré náà tó ní ẹ̀bùn ńlá, tó ń pín wọn fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé FBI bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn ní ọdún 2001. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ọ ló ń jí i.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà:
Ẹ kú àlàyé Màmá. Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un lórí pé lísìtì ti kú. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ẹ ò yí i lóru? Ẹ tọ́jú lísìtì sínú fáìlì kan, ẹ tẹ èyí lórí Lìnọ́ọ̀sì:

```
sha256sum akojo.txt
```

Tó bá jẹ́ Wíńdòòsì:

```
certutil -hashfile akojo.txt SHA256
```

Ó máa bí kóòdù kan tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Ẹ gbé kóòdù yẹn àti fáìlì náà síta pọ̀. Tí ẹnì kan bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú fáìlì, kóòdù á yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó bá gba fáìlì yín sílẹ̀ lè tẹ ohun kan náà kó rí i.

Ọgbọ́n ìwé àti bírò tí Màmá ní òun máa sọ, tó bá jẹ́ pé kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ nọ́ńbà àṣírí kan pamọ́ ká fi wọ́n mú ẹni tó jẹ ni, kẹ́nì kọ̀ọ̀kan ṣe kóòdù tiẹ̀ lọ́nà kan náà kó gbé e síta, kò sídìí fún bébà rárá.

Màmá_Kèké:
Ọmọ mi, ti lísìtì dára, mo gbà. Ti nọ́ńbà àṣírí ló léwu. Tí mo bá mú nọ́ńbà láàárín 0 àti 9999 tí mo ṣe kóòdù ẹ̀ síta, nọ́ńbà 10,000 péré ló wà, ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ á gbé gbogbo wọn gba inú irinṣẹ́ yẹn kan náà, á rí èyí tó bá kóòdù mi mu kí n tó ṣẹ́jú. Àṣírí ti tú nìyẹn. Àfi kó kọ gbólóhùn gígùn kan tẹ́nikẹ́ni ò lè rò mọ́ nọ́ńbà náà kó tó ṣe kóòdù.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà:
Hẹn, òótọ́ ni Màmá, mi ò ro ìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà méje tí ò jọra mọ́ ọn, ó ti tó.

Màmá_Kèké:
Ó dáa. Ṣùgbọ́n fún ìsọ̀ méjì tó wà nítòsí ara wọn, bébà ló rọrùn jù, kọ́sítọ́mà tí ò mọ kọ̀ǹpútà náà á lóye ẹ̀. Bá a ṣe ṣe ti tábìlì yẹn rèé.

Lẹ́yìn tí lísìtì ti kú, ọ̀gá ìsọ̀ ìwé kọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí bébà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, èyíkéyìí láàárín 0 àti 9999, ọ̀gá ìsọ̀ àga kọ mẹ́ta tiẹ̀. Kálukú fi tiẹ̀ sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́, ó buwọ́ lu ibi tó lẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ àpòòwé. Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa: àpòòwé tiẹ ò sí lọ́wọ́ ẹ mọ́, ọwọ́ ẹnì kejì ló wà, kò lè ṣí i torí ìbuwọ́lù ẹ wà lórí ẹ̀, ìwọ náà ò lè pààrọ̀ nọ́ńbà inú ẹ̀. A ya fọ́tò àpòòwé méjèèjì, a gbé e síta.

Lọ́jọ́ kejì, ní láìfù, wọ́n fi ibi ìbuwọ́lù han kámẹ́rà, wọ́n wá fà á ya. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti ìsọ̀ ìwé jẹ́ 7,418, ti ìsọ̀ àga jẹ́ 2,963. Àpapọ̀ ẹ̀ 10,381. Ẹ pín in sí iye àwọn tó kópa, 212. 212 lọ́nà 48 jẹ́ 10,176, ìyókù 205. Ẹni tó wà ní nọ́ńbà 205 lórí lísìtì ló jẹ. Gbogbo ẹni tó ń wò náà mú fóònù, wọ́n ṣírò ẹ̀ fúnra wọn, kò sẹ́ni tó ní ká mú ẹ̀rí wá. Tí ìyókù bá jẹ́ òdo, ẹni 212 ló jẹ, ìyẹn náà ti wà nínú òfin.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹni tó mọ nọ́ńbà tiẹ̀ nìkan ò mọ ibi tí ìyókù máa já sí. Tí ọ̀gá ìsọ̀ àga bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní 60 jẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹnì kejì kọ. Nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo tó bá ti jẹ́ àṣírí lóòótọ́ ti tó láti gba gbogbo ẹ̀ là.

Bọ̀ọ̀dá_Fídíò:
Màmá ẹ̀yin gan-an ni, mo kọ́gbọ́n. Ṣé tá a bá wá rí i lẹ́yìn náà pé ẹnì kan lórí lísìtì kì í ṣe ẹni tó yẹ, àkáǹtì ayédèrú ká ní, ká kàn yọ ọ́ ká tún un ṣírò?

Màmá_Kèké:
Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni òjóró máa ń gbà wọlé. Ẹ wò ó: ẹ yọ ẹnì kan ṣoṣo, 212 di 211. Ẹ tún 10,381 pín sí 211. 211 lọ́nà 49 jẹ́ 10,339, ìyókù 42. Ẹni tó jẹ ti kúrò ní 205 ó ti di 42, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan péré lẹ yọ. Ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà méjèèjì lè jókòó kó máa yọ orúkọ ní méjì mẹ́ta títí á fi bọ́ sórí ẹni tó fẹ́, á wá wá ìdí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó yọ. Ìdí yẹn á sì dùn létí.

Torí náà tá a bá ti ya àpòòwé, lísìtì ò yí mọ́ láéláé. Tí ẹni tó bọ́ sí bá jẹ́ ẹni tí ò yẹ, ẹ sọ ọ́ síta pẹ̀lú ìdí ẹ̀, ẹ lọ sórí nọ́ńbà kejì inú àpòòwé. Ìdí tá a fi kọ mẹ́ta nìyẹn. Ti tábìlì yẹn, ẹni 205 kò dáhùn fún wákàtí 72 tí òfin fún un, a lọ sórí ìlà kejì, 5,036 àti 8,847, àpapọ̀ 13,883, 212 lọ́nà 65 jẹ́ 13,780, ìyókù 103. Ẹni 103 ló gbé tábìlì lọ. Ẹni 205 wá jí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa, àmọ́ wákàtí 72 wà nínú òfin láti ọjọ́ kìíní, àwọn tó kópa fúnra wọn ló dá a lóhùn.

Alátakò_Pátápátá:
Gbogbo ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò sọ ohun tó ń dun kọ́sítọ́mà. Àpòòwé yín ń dáàbò bo ọ̀gá kan lọ́wọ́ ọ̀gá kejì. Tí ọ̀gá méjèèjì bá jọ mọ̀ ọ́n ńkọ́? Wọ́n á jókòó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á ṣírò nọ́ńbà tó máa mú ẹni wọn, wọ́n á kọ ọ́ wẹ́rẹ́, wọ́n á wá máa ya àpòòwé lójú wa bí ẹni tó ń ṣe òótọ́.

Màmá_Kèké:
Òótọ́ lẹ sọ, àpòòwé méjì ò lè dí ìyẹn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n fi nọ́ńbà kẹta kún un. Ní láìfù, kó tó di pé a ya àpòòwé, a ní kí ẹni tó kọ́kọ́ kọ kọ́mẹ́ǹtì lẹ́yìn tá a bá sọ pé ó yá mú nọ́ńbà wá, a fi kún àpapọ̀.

Alátakò_Pátápátá:
Wọ́n ò lè fi ẹni tiwọn sí ìdúró de ìgbà tí ẹ máa sọ pé ó yá ni?

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà:
Ojútùú ìyẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. IETF, àwọn tó ń kọ ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú àwọn tó máa wà nínú ìgbìmọ̀ wọn láàárín àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, ó wà nínú ìwé kan tó ń jẹ́ RFC 3797, ọdún 2004 ló jáde. Wọ́n á kéde lísìtì tó ní nọ́ńbà, wọ́n á sì kéde ṣáájú ibi tí nọ́ńbà máa ti wá, bí àpẹẹrẹ èsì lọ́tìrì ìjọba ti ọjọ́ báyìí báyìí tí ò tíì wáyé. Ẹni tó ṣètò ò lè mọ̀ ọ́n ṣáájú, kò lè yí i, ẹnikẹ́ni níbikíbi sì lè tún un ṣírò. Ohun tí ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ ti sọ èsì wo, ọjọ́ wo, àti bẹ́ ẹ ṣe máa to àwọn nọ́ńbà ẹ̀ pọ̀, kó tó wáyé. Tẹ́ ẹ bá dúró kó jáde tán kẹ́ ẹ tó mú èyí tó wù yín, òfo ni.

AláṣọÀrà:
Àwọn kọ́sítọ́mà mi kan ò fẹ́ gbọ́ orúkọ tẹ́tẹ́ tàbí lọ́tìrì rárá o, tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ wọ́n á ní mo ti di ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́.

Màmá_Kèké:
Mo mọ̀, èmi náà ti bá irú ẹ̀ pàdé. Tẹ́ ẹ bá rí ilé-iṣẹ́ kẹta tí kò bá yín ṣọ̀rẹ́ tó máa kọ nọ́ńbà tiẹ̀ sínú àpòòwé kẹta, ìyẹn náà gbéṣẹ́. Èmi ò tíì rí èyí tó tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, kí n má purọ́ fún yín.

Alátakò_Pátápátá:
Èmi ṣì fara mọ́ ti lọ́tìrì. Ẹni kẹta lè jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn lábẹ́lẹ̀.

Ìyá_Olóòrùn:
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ ṣe tèmi pẹ̀lú ẹnì kan. Mo rò ó pé ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ wa nìkan ló máa kópa, kó lè gbé ọjà tà. Kọ́mẹ́ǹtì ò ń mú owó wá.

Bọ̀ọ̀dá_Fídíò:
Kò burú ìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ò bá ti fi kún owó ọjà, kì í ṣe tẹ́tẹ́.

Màmá_Kèké:
Bọ̀ọ̀dá, ní ibòmíràn ẹ tọ̀nà, àwọn ibì kan wà tí òfin wọn gbà á tí owó ọjà ò bá ti yí padà. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀bùn bá wà, tó jẹ́ kèké ló mú ẹni tó jẹ, tí èèyàn sì gbọ́dọ̀ sanwó tàbí ra nǹkan kó tó wọlé, lọ́tìrì lòfin ń pè é, lọ́tìrì sì gba ìwé àṣẹ. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i lára àwọn ìpolówó Amẹ́ríkà pé kò pọn dandan kéèyàn ra nǹkan. Ẹ lè fún ẹni tó rà ní àyè kan, kẹ́ ẹ sì ṣí ọ̀nà ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò rà, fọ́ọ̀mù kan báyìí, kí àyè méjèèjì dọ́gba. Tàbí kẹ́ ẹ yọ kèké kúrò, kó di ìdíje ọgbọ́n, ẹni tó rán aṣọ tó dára jù ká ní, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tí adájọ́ máa wò àti máàkì tó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi iye láìkì ṣe adájọ́ o, láìkì ń bẹ lọ́jà tí wọ́n ń tà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè òfin ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó fi ọjà rírà kún un.

Àti pé tó bá jẹ́ Facebook, òfin wọn ò gbà kẹ́ ẹ ní kí èèyàn ṣíà pósìtì sórí ojúlé ara ẹ̀ tàbí kó táàgì ọ̀rẹ́ kó tó kópa. Gbogbo èèyàn ń ṣe é, mo mọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá yọ pósìtì yín kúrò láàárín gífáwè, lísìtì yín ti lọ nìyẹn. Facebook àti Instagram tún ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé àwọn ò lọ́wọ́ nínú gífáwè yín, gbólóhùn kan ni, kò ṣòro.

Ọlọ́jà_Tuntun:
Ẹ má gbàgbé àwọn tó máa ń ṣí àkáǹtì tó jọ ti ìsọ̀, fọ́tò kan náà, orúkọ kan náà àfi àmì kékeré kan, tí wọ́n á wá máa kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó kópa pé ìwọ lo jẹ o, fi owó ìgbéwá ránṣẹ́. Àbúrò mi sanwó fún wọn.

Màmá_Kèké:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti gbé lísìtì síta báyìí, ó ti rọrùn fún wọn láti mọ ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí. Kó wà lórí pósìtì fúnra ẹ̀, kì í ṣe inú òfin tí ẹnikẹ́ni ò ní kà: a ò ní gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó jẹ, nọ́ńbà tó jẹ máa hàn ní láìfù, ẹni tó bá kọ̀wé sí ọ ṣáájú láìfù, irọ́ ni.

AláṣọÀrà:
Mo ti dé ọ̀dọ̀ pátínà mi. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un, ó gba àpòòwé, ó tiẹ̀ dùn mọ́ ọn, ó gbà kí ẹ̀rọ wá sí ìsọ̀ mi kó tó di pé a kéde. Nǹkan kan ló kù tó di mọ́. Ó ní tí ẹni tó bá jẹ bá lọ jẹ́ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ bíi tòun, òun ò ní gbé ẹ̀rọ fún un, òun fẹ́ ní àṣẹ láti kọ ẹni tó bá jẹ. Kí ni kí n sọ fún un?

Màmá_Kèké:
Ẹ sọ fún un pé ohun tó ń bẹ̀rù tọ́, àsìkò tó fẹ́ ṣe é ni ò tọ́. Kó kọ ọ́ sínú òfin báyìí pé ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ò lè kópa, kí wọ́n yọ irú wọn kúrò láàárín wákàtí 24 yẹn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ nọ́ńbà. Àṣẹ àtikọ ẹni tó jẹ lẹ́yìn tí orúkọ ti jáde, ẹ má fún un, kódà tó bá ní òun ò ní lò ó.

AláṣọÀrà:
Ó gbà o! Ó ní kí n fi àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe náà kún un, mo ní rárá torí ìdajì àwọn kọ́sítọ́mà mi ló ní ẹnì kan nílé tó ń tún un ṣe, a ṣì ń fà á. Ti nọ́ńbà kẹta náà la ò tíì mọ èyí tá a máa mú. Pósìtì ò ní jáde títí méjèèjì á fi yanjú.